Orí Kẹrin: Jẹnẹrétọ̀, Epo àti Sólà, Èló Ló Ń Ná Ilé Yín Lọ́dún?

Bí ẹ bá bi ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ tanná pé èló ni iná ilé rẹ̀ ń ná an, iye tó ra jẹnẹrétọ̀ ló máa kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Ó rà á ní ₦300,000, ó ti lò ó fún ọdún méjì, ó sì gbà pé òun ti jẹ èrè rẹ̀. Owó epo kì í sí nínú ìṣirò yẹn, torí pé díẹ̀díẹ̀ ló ń jáde lápò: ₦3,000 lónìí, ₦5,000 lọ́túnla, ₦2,000 tó yá lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ lálẹ́ Sátidé torí bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá lọ béèrè sólà, òdìkejì ló máa ń bá pàdé. Wọ́n á pe mílíọ̀nù méjì àbọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan náà, àyà rẹ̀ á já, á sì padà sílé lọ fa okùn jẹnẹrétọ̀ rẹ̀.

Owó tó ń jò díẹ̀díẹ̀ àti owó tó ń jáde lẹ́ẹ̀kan kò ṣeé fi wéra títí a ó fi gbé àwọn méjèèjì sórí ìwọ̀n kan. Ìwọ̀n tí a máa lò nínú orí yìí ni ọdún kan. Ohunkóhun tí ẹ bá rà tó máa pẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ pín iye tí ẹ rà á sí iye ọdún tó máa fi sìn yín, ohun tó bá jáde ni owó rẹ̀ fún ọdún kan. Lẹ́yìn náà, ẹ ro ohun tó ń jẹ lọ́dún mọ́ ọn, ìyẹn epo àti ọ́ìlì, kí ẹ sì ro owó àtúnṣe mọ́ ọn.

Ilé tí a máa fi ṣe àpẹẹrẹ wà ní Apáta, n'Ìbàdàn. Bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́ta àti ìyá àgbà ló ń gbé ibẹ̀. Nẹ́pà máa ń mú iná wá, ṣùgbọ́n ọ̀sán gangan tàbí òru jíjìn ló sábà máa ń dé, nígbà tí àwọn ọmọ bá wà ní ilé ìwé tàbí tí wọ́n ti sùn. Nínú ọdún kan, nǹkan bí alẹ́ 300 ni wọ́n ń tan jẹnẹrétọ̀, láti aago méje sí aago méjìlá. Mo fi lítà epo kan sí ₦900. Ẹ fi iye tí wọ́n ń tà á ládùúgbò yín rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo iye ọjà tí ẹ bá rí níhìn-ín, nítorí pé àpẹẹrẹ ni wọ́n jẹ́. Ọ̀nà ìṣirò náà ni kí ẹ mú lọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ iye iná tí ilé yín ń jẹ

Ẹni tó ń lo mítà pirípéèdì ti mọ yúnìtì. Yúnìtì kan ni iná wáàtì 1,000 tí a lò fún wákàtí kan. Áyọ́ọ̀nù tó jẹ́ wáàtì 1,000 máa jẹ yúnìtì kan láàárín wákàtí kan péré, àmọ́ gílóòbù LED tó jẹ́ wáàtì 10 máa tàn fún wákàtí 100 kó tó jẹ iye kan náà. Ẹ wo ẹ̀yìn ohun èlò kọ̀ọ̀kan, ẹ máa rí iye wáàtì rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ fi wákàtí tí ẹ ń lò ó sọ iye yẹn di púpọ̀.

Nílé Apáta yìí, gílóòbù mẹ́fà ló ń tàn fún wákàtí márùn-ún lálẹ́, ìyẹn 300. Fáànù mẹ́ta, wáàtì 60 lọ́kọ̀ọ̀kan, ń fẹ́ fún wákàtí mẹ́jọ: 1,440. Tẹlifíṣọ̀n àti dekódà rẹ̀ jẹ́ wáàtì 80, wọ́n ń wò ó fún wákàtí márùn-ún: 400. Fóònù gbogbo wọn àti kọ̀ǹpútà alágbèéká ìyá wọn ń gbà tó 260. Fíríìjì wọn kékeré, ó ń jẹ 1,200 láàárín ọjọ́ kan àti òru kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 3,600, ìyẹn yúnìtì 3.6 lóòjọ́. Áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga kò sí nínú rẹ̀, a máa padà sọ́dọ̀ wọn.

Fíríìjì ló máa ń tan èèyàn jẹ jù nínú ìṣirò yìí. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, á sinmi, á tún bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ kò lè fi wákàtí 24 sọ iye ẹ̀yìn rẹ̀ di púpọ̀. Ọjọ́ tí Nẹ́pà bá mú iná wá fún wákàtí mẹ́fà léraléra, tí fíríìjì sì ti tutù dáadáa, ẹ pa gbogbo nǹkan yòókù, ẹ kọ yúnìtì tó wà lórí mítà sílẹ̀, kí ẹ tún kà á lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà. Ohun tó bá dín, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn tó ti ya lè mú kí fíríìjì jẹ ìlọ́po méjì ohun tó yẹ kó jẹ, rọ́bà tuntun sì dínwó ju páńẹ́ẹ̀lì kan lọ fíìfíì.

Jẹnẹrétọ̀ àti epo rẹ̀

Jẹnẹrétọ̀ wọn jẹ́ kéfíéè 2.5. Ó lè gbé nǹkan bí wáàtì 2,000, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń gbé lé e lálẹ́ kò ju wáàtì 440 lọ. Èèyàn á rò pé bí ẹrù ṣe fúyẹ́ tó ni epo náà máa kéré tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì irú jẹnẹrétọ̀ yìí gbọ́dọ̀ máa yí tó ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan kí iná tó ń mú jáde má baà máa lọ sókè sódò, ìbáà jẹ́ gílóòbù kan ló wà lórí rẹ̀ tàbí fíríìjì mẹ́ta. Bí dánfó tó gbé èrò méjì láti Dùgbẹ̀ lọ sí Mọ́níyà ló rí: epo tó máa jẹ lójú ọ̀nà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọjọ́ tó kún.

Bí ẹ ṣe lè mọ ohun tí tiyín ń jẹ rèé. Ẹ bu epo kún táńkì títí dé ọrùn, ẹ tan án fún wákàtí mẹ́ta pẹ̀lú ẹrù tí ẹ máa ń gbé lé e lálẹ́, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ wá fi ike omi tí wọ́n kọ ìwọ̀n sí lára bu epo padà títí táńkì yóò fi kún bíi ti tẹ́lẹ̀. Iye tí ẹ bù sí i ni ohun tó jẹ. Mo fẹ́ kí ẹ fi ike wọ̀n ọ́n fúnra yín, torí pé kì í ṣe gbogbo ilé epo ni lítà ti ń pé. Nílé Apáta, ó jáde sí lítà 0.8 ní wákàtí kan, ìyẹn lítà mẹ́rin lálẹ́ kan.

Lítà mẹ́rin ní alẹ́ 300 jẹ́ lítà 1,200 lọ́dún. Ní ₦900, ó jẹ́ ₦1,080,000.

Ọ́ìlì ló kàn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ ti ń kú láìtọ́jọ́. Ìwé tó ń bá irú ẹ̀rọ yìí wá sábà máa ń sọ pé kí a pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́yìn wákàtí 20 àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní gbogbo wákàtí 100. Ilé tó ń lò ó fún wákàtí márùn-ún lálẹ́ máa pé wákàtí 100 láàárín ogún alẹ́. Èyí fi hàn pé ìgbà 15 ló yẹ kí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì lọ́dún. Ta ló ń ṣe é? Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tàbí ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni àwọn tó ń tọ́jú tiwọn dáadáa ń ṣe é, àwọn yòókù á dúró dìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín aláwọ̀ búlúù. Èéfín yẹn túmọ̀ sí pé ríìngì ti jẹ, ọ́ìlì ti ń wọ ibi tí epo ti ń jó, àtúnṣe tó sì tẹ̀ lé e kì í ṣe kékeré. Bí pípààrọ̀ kan bá ná wọn ní ₦4,000, ìgbà 15 jẹ́ ₦60,000. Mo tún fi ₦60,000 sílẹ̀ fún púlọ́ọ̀gì, fílítà, fífọ kábúrétọ̀ àti owó mẹkáníìkì.

Jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀ ló kù. Wákàtí 1,500 ló ń ṣiṣẹ́ lọ́dún nílé yìí. Bí wọ́n bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò, ọdún mẹ́ta ni mo fún un. ₦300,000 tí a pín sí mẹ́ta jẹ́ ₦100,000.

Ẹ wá rò ó pọ̀: ₦1,080,000, ₦60,000, ₦60,000 àti ₦100,000. Ó jẹ́ ₦1,300,000 lọ́dún. Nínú ₦100 kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ná, epo nìkan ló kó ₦83 lọ. Iye tí wọ́n ra jẹnẹrétọ̀, tí gbogbo èèyàn ń ná lọ́jà bí ẹni tó fẹ́ jà, kò tó ₦8 nínú ₦100 náà.

Ọ̀nà mìíràn wà láti wò ó, òun ló sì yà mí lẹ́nu jù nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe ìṣirò yìí. Láàárín wákàtí márùn-ún yẹn, yúnìtì iná tí jẹnẹrétọ̀ mú jáde kò ju 2.2 lọ, epo ₦3,600 ló sì jó. Yúnìtì kan ti lé ní ₦1,600 nìyẹn, láìtíì ka ọ́ìlì. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, nígbà tí wọ́n gbé iye yúnìtì Nẹ́pà fún àwọn tó wà ní Báàǹdì A lọ sí ₦225, igbe ta káàkiri ìlú. Iná tí a ń fi epo tàn nínú àgbàlá wa wọ́n ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po méje, síbẹ̀ a kò pariwo, torí pé kò sẹ́ni tó fi ìwé owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa.

Epo yìí náà ni ẹnì kankan kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé iye báyìí ni yóò jẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, lítà kan kò tó ₦200. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ó sún mọ́ ₦500, kí ọdún 2024 sì tó parí, ó ti lé ní ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Fún ilé Apáta, ₦100 tó bá lé lórí lítà kan jẹ́ ₦120,000 lọ́dún. Ká ní lítà ṣì jẹ́ ₦190 ni, gbogbo ìnáwó jẹnẹrétọ̀ wọn lọ́dún ì bá jẹ́ ₦448,000. Ẹ fi iye yẹn sọ́kàn.

Ohun kan wà tí n kò ní fi náírà ṣírò. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní gáàsì kan nínú tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, tó sì ń pa èèyàn lójú oorun. Ẹ má gbé e sí bàráńdà, ẹ má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ẹ má sì torí olè gbé e sínú kọ́rídọ̀, ìbáà jẹ́ pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ẹ ra ṣéènì, kí ẹ so ó mọ́lẹ̀ lókèèrè.

Sólà

A mọ̀ pé yúnìtì 3.6 ni ilé yìí ń fẹ́ lóòjọ́. Ìbéèrè tó kàn ni iye páńẹ́ẹ̀lì tó lè mú un wá, èsì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ oṣù tí oòrùn kò mú jù lọ. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojúmọ́ ń mọ́ fún wákàtí méjìlá, oòrùn òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ kò lágbára. Bí a bá kó gbogbo oòrùn ọjọ́ kan n'Ìbàdàn jọ, tí a sọ ọ́ di oòrùn ọ̀sán gangan, ó máa jẹ́ wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún. Nínú oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, tí ojú ọ̀run ń ṣú dùdù, ó lè bọ́ sí mẹ́ta. Mẹ́ta ni kí ẹ fi ṣírò. Ẹni tó bá fi márùn-ún ṣírò ni yóò jókòó sókùnkùn nínú oṣù Kẹjọ.

Ẹ tún mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí páńẹ́ẹ̀lì mú ló ń dé inú ilé. Ooru orí páànù, eruku, wáyà àti ínfátà máa ń gba nǹkan bí ìdámẹ́rin rẹ̀. Páńẹ́ẹ̀lì wáàtì 550 mẹ́ta jẹ́ wáàtì 1,650. Ní oṣù Kẹjọ wọn ó mú nǹkan bí yúnìtì 3.7 wá, èyí tó kàn ń ra ilẹ̀ mú. Mẹ́rin jẹ́ wáàtì 2,200, wọn ó sì mú tó yúnìtì 4.9. Mẹ́rin ni wọ́n rà.

Bátìrì ló máa gbé ilé náà láti aago méje alẹ́ sí aago méje òwúrọ̀. Láàárín àkókò yẹn, iná, fáànù, tẹlifíṣọ̀n, fóònù àti ìlàjì tí fíríìjì ń jẹ jẹ́ nǹkan bí yúnìtì mẹ́ta. Bátìrì lítíọ́mù tó gba yúnìtì márùn-ún, tí a kò jẹ́ kó gbẹ kọjá ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, máa fún wọn ní mẹ́rin. Ó tó, ó sì ṣẹ́ kù díẹ̀ fún ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ mọ́jú. Ínfátà kéfíéè 3.5 ló ń darí gbogbo rẹ̀.

Ohun tí wọ́n san rèé. Páńẹ́ẹ̀lì mẹ́rin, ₦120,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́ ₦480,000. Bátìrì jẹ́ ₦1,200,000. Ínfátà jẹ́ ₦500,000. Wáyà, bírékà, irin orí òrùlé, wáyà ilẹ̀, ohun tó ń dènà mànàmáná àti owó iṣẹ́ jẹ́ ₦320,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦2,500,000, iye tó ń já àwọn èèyàn láyà.

Ẹ jẹ́ ká wá pín in. Páńẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ ojúlówó máa ń lò ju ogún ọdún lọ, ogún ni mo fún un: ₦24,000 lọ́dún. Bátìrì, mo fún un ní ọdún mẹ́jọ: ₦150,000. Ínfátà, ọdún márùn-ún: ₦100,000. Wáyà àti àwọn yòókù, ọdún mẹ́wàá: ₦32,000. Ẹ fi ₦24,000 sílẹ̀ fún fífọ páńẹ́ẹ̀lì nígbà ọyẹ́ àti fún oníṣẹ́ tó máa wá di ìdí wáyà le lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ó jẹ́ ₦330,000.

N kò ní tàn yín pé wọ́n ta jẹnẹrétọ̀ wọn. Ó ṣì wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ tí òjò bá dì mọ́ra àti fún ẹ̀rọ omi. Mo fún un ní ọgbọ̀n alẹ́ lọ́dún: epo lítà 120, ₦108,000, ọ́ìlì àti àtúnṣe ₦20,000. Nígbà tí kò ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ mọ́, ó lè lo ọdún mẹ́wàá, nítorí náà owó tirẹ̀ di ₦30,000 lọ́dún. Gbogbo ìyẹn jẹ́ ₦158,000. Bí a bá rò ó mọ́ ₦330,000, ilé oníṣólà yìí ń ná ₦488,000 lọ́dún, nígbà tí ilé oníjẹnẹrétọ̀ ń ná ₦1,300,000. Àwọn ará ilé sì ń fi fáànù sùn dójúmọ́, ọbẹ̀ inú fíríìjì wọn kò sì yọ́ mọ́ láti aago méjìlá òru.

Nípa owó tó ń jáde lọ́wọ́ gan-an, jẹnẹrétọ̀ ń gba ₦1,200,000 lọ́wọ́ wọn lọ́dún fún epo, ọ́ìlì àti àtúnṣe. Lẹ́yìn tí sólà dé, ohun tó ń jáde jẹ́ ₦152,000. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,048,000, èyí tó túmọ̀ sí pé mílíọ̀nù méjì àbọ̀ náà ti padà sápò wọn láàárín ọdún méjì àti oṣù márùn-ún.

Ẹ rántí ₦448,000 tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Lásìkò tí lítà jẹ́ ₦190, sólà kan náà ì bá ná wọn ní nǹkan bí ₦403,000, pẹ̀lú epo inú jẹnẹrétọ̀ tó wà ní ìkàlẹ̀. Ìyàtọ̀ ₦45,000 kò tó ohun tí èèyàn ń torí rẹ̀ kó mílíọ̀nù méjì àbọ̀ sílẹ̀. Àwọn tó sọ nígbà yẹn pé sólà kò pé wọn kò ṣìnà. Owó epo ló yí ìdáhùn padà.

Ibi tí owó sólà ti ń jò

Ẹ wo ìpín ọdọọdún yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Páńẹ́ẹ̀lì tí gbogbo èèyàn ń wò lórí òrùlé ló kéré jù nínú ohun tí wọ́n rà. Bátìrì ló tóbi jù, ọdún tí bátìrì bá lò ló sì máa sọ bóyá owó yín jèrè. Bí bátìrì ọdún mẹ́jọ bá kú lọ́dún kẹta, ₦150,000 di ₦400,000 lọ́dún, gbogbo ìnáwó ilé náà á sì fò láti ₦488,000 sí ₦738,000.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n má jẹ́ kí iye bátìrì olómi tàn wọ́n. Ẹ jẹ́ ká sọ pé méjì tó jẹ́ áḿpù 220 jẹ́ ₦600,000, ìlàjì owó lítíọ́mù. Lójú, àwọn méjèèjì gba yúnìtì 5.2, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń lò wọ́n kọjá ìlàjì lójoojúmọ́, ẹ ń pa wọ́n ni. Ohun tí ẹ rí lò kò ju 2.6 lọ, kò sì tó òru kan nílé Apáta. Bí wọ́n bá lo ọdún mẹ́ta, ó jẹ́ ₦200,000 lọ́dún fún iná tí kò tó, nígbà tí lítíọ́mù jẹ́ ₦150,000 fún iná tó tó tán. Ẹ tún ṣọ́ra fún lítíọ́mù tí wọ́n fi ẹyọ bátìrì àlòkù tò sínú páálí tuntun. Ẹ gbà á sílé pẹ̀lú àdéhùn pé ẹ máa dán an wò: ẹ gba iná sí i títí yóò fi kún, ẹ gbé ẹrù wáàtì 400 lé e láìsí oòrùn, kí ẹ ka wákàtí. Èyí tó gba yúnìtì márùn-ún lóòótọ́ máa gbé e fún wákàtí mẹ́wàá, ó kéré tán. Èyí tó bá kú ní wákàtí márùn-ún, ẹ dá a padà lọ́jọ́ náà.

Páńẹ́ẹ̀lì náà ní ayédèrú tirẹ̀. Wọ́n lè lẹ nọ́ńbà 550 mọ́ ẹ̀yìn páńẹ́ẹ̀lì 400. Ẹ mú téèpù lọ sọ́jà. Páńẹ́ẹ̀lì wáàtì 550 sábà máa ń gùn tó mítà 2.28, ó fẹ̀ tó mítà 1.13, ó sì ń wọn nǹkan bíi kílò 28, tó fi jẹ́ pé ẹnì kan kì í gbé e dáadáa. Èyí tí ọmọ ìṣọ̀ bá fi ọwọ́ kan gbé wá bá yín, ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó na owó. Lórí òrùlé, ọ̀nà gúúsù ni kí ó dojú kọ, pẹ̀lú ìdàgẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí òjò lè máa fọ̀ ọ́. Bí òjìji igi máńgòrò aládùúgbò bá bo etí páńẹ́ẹ̀lì kan, ó lè dín agbára gbogbo àwọn tí wọ́n so tò tẹ̀ lé e kù, nítorí náà kí ẹ gun òkè wò ó ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ àti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kí oníṣẹ́ tó lu irin àkọ́kọ́.

Bí owó náà bá jẹ́ àyálò

Kì í ṣe ọ̀pọ̀ ilé ló ní mílíọ̀nù méjì àbọ̀ ní ìkàlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé wọ́n yá gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú èlé ìdá 30 nínú 100 lọ́dún, tí wọ́n ń san án padà lóṣooṣù fún ọdún méjì. Oṣù kọ̀ọ̀kan máa jẹ́ nǹkan bí ₦140,000, gbogbo èlé tí wọ́n bá san á sì jẹ́ ₦855,000. Bí a bá tẹ́ èlé yẹn sórí ọdún mẹ́jọ bátìrì, ó fi ₦107,000 kún ìnáwó ọdọọdún, ìyẹn nǹkan bí ₦595,000. Kò tíì tó ìdajì ti jẹnẹrétọ̀.

Oṣù 24 yẹn ló le. Jẹnẹrétọ̀ ń gba ₦100,000 lọ́wọ́ wọn lóṣù. Àyálò, ìtọ́jú sólà àti jẹnẹrétọ̀ ìgbà òjò máa gba ₦152,000 lóṣù. Ilé tí kò bá lè rí ₦52,000 yẹn lóṣù fún ọdún méjì gbáko kò gbọdọ̀ tọwọ́ bọ ìwé, bó ti wù kí ìṣirò ọdún mẹ́jọ dára tó. Fún irú ilé bẹ́ẹ̀, mo máa ní kí wọ́n ra ínfátà àti bátìrì lákọ̀ọ́kọ́, kí Nẹ́pà òru máa kún un fún wọn, kí wọ́n sì máa fi owó epo tí wọn kò rà mọ́ ra páńẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ bi ẹni tó ń tajà ni bóyá ínfátà náà ní ojú páńẹ́ẹ̀lì nínú, torí èyí tí kò bá ní in, wọ́n máa tún un rà.

Ilé tí jẹnẹrétọ̀ ṣì pé jù

Wákàtí kan jẹnẹrétọ̀ nílé Apáta, pẹ̀lú epo, ọ́ìlì àti àtúnṣe, jẹ́ nǹkan bí ₦800. Bí ẹ bá fi ₦488,000 ti sólà wé e, tí ẹ yọ ìpín owó tí ẹ ra jẹnẹrétọ̀ kúrò, ẹ ó rí i pé nǹkan bí wákàtí 560 lọ́dún ni wọ́n ti dọ́gba. Wákàtí kan àbọ̀ lóòjọ́ nìyẹn. Ẹni tí Nẹ́pà ń bá ṣe dáadáa, tí kì í tan jẹnẹrétọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún wákàtí méjì, kò nídìí láti ra sólà mílíọ̀nù méjì àbọ̀ torí àtidín owó kù. Ó lè rà á torí ìdákẹ́jẹ́ tàbí torí ìyá àgbà tí èéfín ń yọ lẹ́nu, ìyẹn sì jẹ́ ìdí tó dára, àmọ́ kó mọ̀ pé ìyẹn lòun ń sanwó fún.

Áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ omi ló kù. Ẹ lọ aṣọ ní aago méjìlá ọ̀sán tí bátìrì bá ti kún, oòrùn ló máa gbé áyọ́ọ̀nù náà, bátìrì kò ní mọ̀. Ẹ̀rọ omi yàtọ̀. Èyí tó jẹ́ agbára ẹṣin kan ń jẹ ju wáàtì 750 lọ bó bá ti ń yí, ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú àáyá tó bẹ̀rẹ̀, ó máa ń fa ìlọ́po mélòó kan rẹ̀. Bí ínfátà bá ké tàbí tó pa ara rẹ̀ nígbà tí ẹ tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ omi, ẹ má ṣe tún un tẹ̀ léraléra, ẹ gbé e padà sórí jẹnẹrétọ̀.

Jẹnẹrétọ̀ tó ń dúró di ọjọ́ òjò ní àìsàn tirẹ̀. Epo tó bá jókòó sínú kábúrétọ̀ fún oṣù méjì mẹ́ta máa ń di bí oje igi, á dí ojú ihò kékeré tí epo ń gbà, ẹ ó sì fa okùn títí apá yín á fi ro yín. Nígbàkigbà tí ẹ bá fẹ́ pa á, ẹ ti ẹnu epo rẹ̀ pa kí ẹ sì jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ títí tó fi máa kú fúnra rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ tan án fún ìṣẹ́jú 15 pẹ̀lú fíríìjì lórí rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ náà sára ògiri.